Ta Ló Sanwó Fún Sàídù?

Ọjọ́ tí Àtinúkẹ́ kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ Alhaja Zulaihat ní Runjin Sambo ní Sokoto, àwọn ọmọ tó ń sunkún ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n tò sẹ́nu géètì, kálukú pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Alhaja fúnra rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, awò ojú rẹ̀ sọ̀ sórí imú, ó ń ka orúkọ wọn jáde ketekete: ẹni tí kò bá tíì san owó ilé-ìwé, kó lọ sílé lọ mú un wá. Ọmọbìnrin kékeré kan wà láàárín wọn tó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tó ń bi í pé, "Kí la jí?"

Ìbéèrè yẹn ló mú Àtinúkẹ́ gba iṣẹ́ akọ̀wé owó níbẹ̀. Ìyàwó tuntun ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ rẹ̀, Abdulrasaq, tó ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ Màrúwá ní Gawon Nama, ló mú un wá sí Sokoto. Hausa tó gbọ́ nígbà yẹn kò ju èyí tí èèyàn fi ń ra tòmátì lọ, ṣùgbọ́n ó mọ kọ̀ǹpútà lò, ó sì mọ ìṣirò. Alhaja náà sì ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó owó.

Ó bẹ̀rẹ̀ tán, kò tíì lò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi lọ kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà mìíràn wá owó yìí."

"Ọ̀nà wo?" Alhaja, ọmọ Ìlọrin tó ti pẹ́ ní Sokoto kí wọ́n tó bí Àtinúkẹ́, wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé kọ̀ǹpútà rẹ yóò máa lọ kanlẹ̀kùn wọn ni?"

Àtinúkẹ́ ṣàlàyé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ojú ewé kan nínú kọ̀ǹpútà yóò máa sọ iye tó yẹ kí ọmọ náà san ní sáà yìí, pẹ̀lú èyí tó bá jẹ sílẹ̀ láti sáà tó kọjá. Ojú ewé kejì ni ti owó tó ń wọlé: gbogbo owó tí ẹnikẹ́ni bá mú wá, ìlà tirẹ̀ ni, ọjọ́ tó wọlé, nọ́ńbà rìsíìtì, nọ́ńbà ọmọ, iye owó. Kọ̀ǹpútà yóò kó gbogbo ìlà tó bá jẹ́ ti ọmọ kan jọ, yóò yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó yẹ kó san, yóò sì sọ èyí tó kù. Àwọn òbí tí agbára wọn kò ká a lẹ́ẹ̀kan lè pín in sí mẹ́ta: ìdajì nígbà tí wọ́n bá wọlé, ìdámẹ́rin ní àárín sáà, ìdámẹ́rin tó kù kó tó di ìdánwò. Ẹni tí ọjọ́ bá kọjá lórí ìpín tirẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò ṣa orúkọ rẹ̀ jọ ní kíláàsì-kíláàsì, Àtinúkẹ́ yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, yóò gé ìwé pélébé fún ilé kọ̀ọ̀kan, yóò fi í sínú àpò ìwé, yóò lẹ ẹnu rẹ̀ pa.

"Òbí nìkan ni yóò kà á, Alhaja. Ọmọ ò ní gbọ́, aládùúgbò ò ní gbọ́."

Alhaja ronú sí i. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún.

"Sáà kan ni mo fún ọ. Tí ìwé rẹ bá fi lè lọ bá ẹni tó ti sanwó pé ó jẹ gbèsè, mo padà sórí àtẹ̀gùn mi nìyẹn. Ìwọ náà á sì lọ sọ́dọ̀ àwọn jẹ́léósinmi, o máa lọ nu ikun imú."

"Mo gbọ́, mà."

Bẹ́ẹ̀ ni sáà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn ju bí Àtinúkẹ́ ṣe rò lọ. Àwọn òbí tó ti ń sá fún géètì tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fúnra wọn, wọ́n ń mú díẹ̀díẹ̀ wá. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó ń mú ìlérí ṣẹ bíi Kande.

Kande ń ta fúrà, ọkà tí wọ́n ń pò mọ́ wàrà mu, ní Gawon Nama, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù Abdulrasaq. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé ló ti gbé igbá fúrà rẹ̀ wọ ọ́fíìsì, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó ka ogún ẹgbẹ̀rún náírà sórí tábìlì.

Àtinúkẹ́ kó gbogbo Hausa tó ní jọ, ó bi í pé ti ọmọ wo ni.

"Babba," ni Kande wí, ìyẹn ni pé ti èyí àgbà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìbòrí bojú.

Àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó yé Àtinúkẹ́. Àwọn èèyàn tó wà lẹ́nu géètì, "Maman Nana" ni wọ́n ń pè é. Abdulrasaq pàápàá, Maman Nana ló ń pè é tó bá fẹ́ ra fúrà. Níbi tí wọ́n ti bí Àtinúkẹ́, tí wọ́n bá pe obìnrin ní Ìyá Àjọkẹ́, Àjọkẹ́ ni àkọ́bí rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó wo inú kọ̀ǹpútà, ó rí Nana kan ṣoṣo, ní kíláàsì kejì. Ó kọ rìsíìtì sórúkọ Nana, ó ya á fún Kande, Kande tó jẹ́ pé ìwé Lárúbáwá nìkan ló mọ̀ ọ́n kà sì ká a mọ́ etí aṣọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Àtinúkẹ́ fi ìlà owó náà sí nọ́ńbà Nana pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Nígbà tó di àárín sáà, Kande mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wá. Nígbà tí ìdánwò ku díẹ̀, ó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mìíràn wá. Kò sí ìgbà tó wá tí kì í bu fúrà sílẹ̀ fún akọ̀wé owó, àwọn méjèèjì a sì máa fi ọwọ́ àti ẹ̀rín bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbi tí èdè bá ti dá wọn dúró.

"Tí gbogbo òbí bá rí bí Maman Nana," Àtinúkẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀, "mi ò ní tẹ ìwé kankan."

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdánwò ló kọ́kọ́ tẹ ìwé ìránnilétí jáde, nítorí ó ti ní kí ọjọ́ ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ná ní sáà àkọ́kọ́ yìí. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé ìpín ìkẹyìn nìkan ló kù. Àfi ẹnì kan. Alhaja rí i kí Àtinúkẹ́ tó rí i. Ó fi ìka lé e.

"Ta ni Sàídù yìí ní kíláàsì karùn-ún? Ogójì ẹgbẹ̀rún! Láti ọjọ́ tí a ti wọlé, kò san kọ́bọ̀!"

Malam Garba, olùkọ́ kíláàsì karùn-ún, wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìwé olùkọ́ ní Ìlọrin ló ti kẹ́kọ̀ọ́, Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ àfi bí ó ṣe ń kánjú sọ ọ́.

"Alhaja, ìyá ọmọ yẹn máa ń sanwó o. Mo máa ń rí i tó ń bọ̀."

Àtinúkẹ́ yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. "Malam, ẹ wò ó. Ìlà kan ṣoṣo ò sí lórí nọ́ńbà rẹ̀. Owó tó bá wọlé láìsí ìlà, a jẹ́ pé èmi ni mo jí i nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo jọ olè?"

"Ẹ ò jọ olè," ni Malam Garba wí, ó sì ń mi orí. Ó gba àpò ìwé Sàídù, ó fún ọmọ náà pé kó mú un fún ẹni tó ń tọ́ ọ. Bàbá bàbá rẹ̀ ni, ní Kasarawa. Orúkọ bàbá àgbà náà ni wọ́n fi forúkọ Sàídù sílẹ̀, fóònù bàbá náà ló sì wà níbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọn ò tíì ka àdúrà tán lórí pápá nígbà tí Kande dé. Kò gbé igbá lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan ti tó kí èèyàn mọ̀ pé ogun ti dé.

"Haba!" Ó da rìsíìtì mẹ́ta sórí tábìlì bí ẹni da ayò. Hausa tó tẹ̀ lé e yára débi pé Àtinúkẹ́ kò rí ọ̀rọ̀ tòmátì kankan mú nínú rẹ̀. Alhaja jáde láti yàrá rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Malam Garba kó wá túmọ̀.

"Ó ní ẹ̀ ń mu fúrà òun, ẹ tún ń fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí bàbá ọkọ òun."

"Èmi?" Àtinúkẹ́ di àyà mú. "Malam, ẹ sọ fún un pé kò jẹ gbèsè. Nana ti san tán. Ó san kọjá... " Iye tó rí lójú kọ̀ǹpútà ló dá a dúró. "Ẹ bá mi bi í, ọmọ wo ló ń sọ?"

Malam Garba bi í. Kande wo ògiri.

"Ó ní ọmọ tí ìwé lọ bá."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Kande fa ìbòrí bojú, ó wo ògiri dáadáa, bí ẹni pé orúkọ náà wà lára kálẹ́ńdà tí wọ́n so kọ́ síbẹ̀.

"Ó ní kí ẹ bi olùkọ́ rẹ̀."

"Àbí ọmọ rẹ̀ kọ́ ni? Ìyá tó bí i ò mọ orúkọ rẹ̀?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Alhaja. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di etí tábìlì mú, ó ń nu ojú pẹ̀lú gèlè.

"Àtinúkẹ́, o pa mí! Yé bi í mọ́, o ń dójú tì í ni. Àkọ́bí ni! Hausa tó bá ní ìtìjú kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní kunya. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́."

"Báwo ló ṣe ń pè é tí oúnjẹ bá délẹ̀?"

Malam Garba túmọ̀ ìbéèrè náà. Kande dáhùn láti abẹ́ ìbòrí, ẹ̀rín sì ti ń borí ìbínú rẹ̀.

"Ó ní òun á ní 'Ìwọ yẹn!' Ó ní tí ebi bá ń pa ọmọ, kò ní béèrè pé ta ló ń pè."

"Ṣùgbọ́n ìyá Nana ni wọ́n ń pè é!"

Malam Garba kò tilẹ̀ dúró túmọ̀ ìyẹn. "Kí ni kí wọ́n máa pè é? Orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kì í pè? Orúkọ ọmọ kejì ni wọ́n fi ń pè é."

Àtinúkẹ́ jókòó. Ó wo rìsíìtì mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ wọ́n: Nana, Nana, Nana. Babba, ni obìnrin yìí sọ fún un lọ́jọ́ kìíní, àgbà. Òun ló gbé òye Ògbómọ̀ṣọ́ lé e lórí ní Sokoto.

Ó ṣí ojú ewé owó tó wọlé. Ó wá nọ́ńbà Nana. Ìlà mẹ́rin ló jáde. Mẹ́ta jẹ́ ti Kande. Èyí tó ṣáájú wọn jẹ́ ogójì ẹgbẹ̀rún tí bàbá Nana fi bánkì ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Nana, tó yẹ kó san ogójì, ti san ọgọ́rin. Iye tó kù lórí rẹ̀ jẹ́ ogójì pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú, ìyẹn ni pé ilé-ìwé ló jẹ Nana.

"Kí ló dé tí o ò fi rí èyí láti ọjọ́ yìí?" Alhaja bi í. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Kò sí bí mo ṣe lè rí i, mà. Gbogbo owó tó wọlé pé, ó bá ti bánkì àti ti inú àpótí mu láìṣẹ́ kù. Orí ọmọ tó jókòó lé ni kò tọ́. Ẹni tó jẹ gbèsè nìkan ni mo sì ní kí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ jáde. Ẹni tó san kọjá, mi ò wò ó rí."

Kò pa ìlà kankan rẹ́. Ó kọ ìlà tuntun méjì: ogójì ẹgbẹ̀rún kúrò lórí Nana, ogójì ẹgbẹ̀rún sórí Sàídù, ó kọ nọ́ńbà rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹni tó bá wò ó lọ́la lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó kù lórí Nana di òfo. Ti Sàídù náà di òfo. Àpapọ̀ owó tó wọlé kò yí padà.

Malam Garba fi han Kande lójú kọ̀ǹpútà. Kande kò mọ ìwé náà kà, ṣùgbọ́n ó mọ òfo nígbà tó rí i. Ó ní, "To," ìyẹn ni pé ó ti dáa, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ó dáa," Alhaja wí. "Ṣùgbọ́n a ní àdéhùn, ìyàwó. Ìwé rẹ ti lọ bá ẹni tó sanwó."

"Òótọ́ ni, mà." Àtinúkẹ́ fa kọ̀ǹpútà sún mọ́ ara. Ó rí àtẹ̀gùn náà lọ́kàn rẹ̀, ó rí àwọn ọmọ tó tò sẹ́nu géètì. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun kan kí ẹ tó ṣèdájọ́."

Ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣa gbogbo ọmọ tó san ju ohun tó yẹ lọ. Orúkọ kan péré ló kù: Abdulmuiz, kíláàsì kìíní, ó san lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wá rìsíìtì rẹ̀ nínú ìwé. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó wo Alhaja, ó tún wo ìwé náà.

"Alhaja, ta ló kọ rìsíìtì yìí?"

Alhaja wọ awò ojú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ọwọ́ mi ni." Ó wúkọ́. "Níbi ìkómọ kan ni. Ìyá Abdulmuiz ló fún mi, ará Ọ̀yọ́ tó ń ta aṣọ lésì, ó ní kí n bá òun fi sí owó ilé-ìwé."

"Ṣé Abdulmuiz kíláàsì kìíní lọmọ rẹ̀?"

Alhaja ń wo òrùlé.

"Rárá. Abdulmuiz tirẹ̀ ti lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ayọ̀fẹ́ ló kù sọ́dọ̀ wa."

Ayọ̀fẹ́, kíláàsì kẹta. Àpò ìwé gbèsè tirẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ṣì ń dúró de olùkọ́ rẹ̀. Àtinúkẹ́ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù. Malam Garba kọjú sí ẹnu ọ̀nà, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Malam Garba, tí o bá ń rín mi, ṣe é síta!"

"Alhaja, ikọ́ ni."

"Ikọ́ burúkú." Ṣùgbọ́n ètè òun náà ti ń ṣí. "A jẹ́ pé Hausa kò dárúkọ, ó ṣì wá lọ́nà, Yorùbá dárúkọ, ó tún ṣì wá lọ́nà."

"Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀, mà," Àtinúkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí n tẹ káàdì kékeré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà àti fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀. Òbí á gbé e lé tábìlì, kò ní la ẹnu. N ó sì máa tẹ àwọn tó san kọjá jáde pẹ̀lú àwọn tó jẹ gbèsè, kí n tó fi ìwé kankan ránṣẹ́."

Alhaja gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí í tètè gbà. "Àwa mọ̀ pé àṣìṣe ni. Bàbá àgbà tó wà ní Kasarawa kò mọ̀. Òun ni ìwé rẹ bú. Tẹ òmíràn tó sọ òótọ́, ìwọ àti Kande ẹ gbé e lọ. Ohun tí bàbá náà bá sọ nípa rẹ̀ ni n ó tẹ̀ lé. Tó bá ní àtẹ̀gùn sàn, àtẹ̀gùn ni."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àtinúkẹ́ àti Kande wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan, Malam Garba jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bí wọ́n ṣe yà sí ojú ọ̀nà ilé bàbá náà ni Kande pariwo, tó ń na ọwọ́ jáde kí kẹ̀kẹ́ tó dúró.

Àgbò funfun ńlá kan ni wọ́n so mọ́ igi níwájú ilé. Alápatà kan ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wò. Bàbá àgbà kan tó ní irùngbọ̀n funfun bíi ti àgbò náà dúró tì í, ìwé ìránnilétí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má tà á o!" Àtinúkẹ́ fi Yorùbá ké, kó tó rántí ibi tó wà.

Malam Garba sáré wá túmọ̀, ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó sì ṣàlàyé ohun gbogbo. Kande ti fi ìbòrí bo orí títí dé àyà, nítorí bàbá ọkọ rẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀ yìí. Àtinúkẹ́ na ìwé tuntun náà sí bàbá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó wà níbẹ̀ pé Sàídù ti san ogójì ẹgbẹ̀rún, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó san án, àti pé kò ku nǹkan kan.

Bàbá náà kà á, ó tún un kà.

"Ta ló san án?"

Kande ń wo ilẹ̀. Bàbá rí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Èmi rò pé bàbá rẹ̀ ń san, bàbá rẹ̀ náà rò pé èmi ni," ó wí, Malam Garba ń túmọ̀. "A ò mọ̀ pé fúrà ló ń san án."

"Bàbá," Àtinúkẹ́ wí, "ẹ má bínú sí mi. Ìwé àná dójú tì yín."

"Ìwé àná mú mi bínú." Bàbá gbé e sókè. "Kò dójú tì mí. Nígbà tí wọ́n ń ka orúkọ ní géètì, kí ọmọ tó délé, aláta, alágbàfọ̀, gbogbo wọn ti gbọ́. Èyí wá nínú àpò, ẹnu rẹ̀ lẹ̀. Èmi nìkan ni mo kà á, èmi nìkan ni mo bínú. Ẹ sọ fún ìyá ilé-ìwé yín pé kó máa fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó máa rí i dájú pé ilé tó yẹ ló lọ!"

Alápatà, tó ti tú okùn àgbò dé ìdajì, béèrè pé kí ni kí òun wá fi ọ̀nà tí òun rìn ṣe.

"Fi mu fúrà," bàbá dáhùn. "Ẹni tó ń tà á ti wá bá wa nílé."

Kande rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòrí títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Àtinúkẹ́ yọ fóònù, ó pe Alhaja, ó sọ gbogbo ohun tí bàbá wí fún un láìyọ ti ìbínú kúrò níbẹ̀.

"Ó dáa," ni Alhaja wí. "Kọjá ní ọ́fíìsì kí o tó lọ sílé. Tún ti kíláàsì kẹta tẹ̀, yọ Ayọ̀fẹ́ kúrò níbẹ̀. Kó o sì bẹ̀rẹ̀ àwọn káàdì yẹn lọ́jọ́ Ajé."